Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣàpèjúwe àwòrán fún áàpù ayàwòrán, tó fi máa gbé àmàlà Ìbàdàn jáde bó ṣe rí gan-an

Tẹ́ ẹ bá kọ "àmàlà àti gbẹ̀gìrì" nìkan sínú áàpù tó ń yàwòrán, ohun tó máa ń sábà gbé jáde ò jọ oúnjẹ tá a mọ̀. Ẹ máa rí nǹkan dúdú kan tó ń dán bíi ṣokoléètì nínú abọ́ olówó ńlá, ọbẹ̀ pupa kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, fọ́ọ̀kì á wà lórí tábìlì, wọ́n á tún wá já ewé kan lé e lórí tí ẹnikẹ́ni ò jẹ ní Bódìjà rí. Ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn àwòrán tí wọ́n fi kọ́ áàpù yẹn, èdè Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àkọlé wọn, oúnjẹ wa ò sì pọ̀ níbẹ̀, orúkọ tá a pè é yẹn ò wá sọ nǹkan púpọ̀ fún un. Àmọ́ ó mọ àwọ̀, ó mọ ohun tó rí róbótó àti ohun tó tẹ́jú, ó mọ abọ́ onírin, ó mọ láìtì tó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Nítorí náà ohun tí ojú ń rí lẹ máa kọ, orúkọ nìkan ò tó.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni màá fi ṣàlàyé gbogbo ẹ̀. Ìyá kan tó ń ta àmàlà nítòsí ọjà Bódìjà fẹ́ àwòrán tó máa máa gbé sí státọ́ọ̀sì Wasáàpù ẹ̀ láràárọ̀, èyí tí mo máa kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti iye owó sí. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ṣókùnkùn, páànù bo gbogbo iwájú ẹ̀, fóònù ọwọ́ ìyá náà sì ti pẹ́, ìyẹn ló jẹ́ ká yàn láti fi áàpù ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ní fóònù tó dáa àti ojúmọmọ, oúnjẹ gidi tẹ́ ẹ yà fúnra yín ló dáa jù, mi ò ní parọ́ fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí àwòrán náà máa wà

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fi ìwọ̀n sí ìparí, wọ́n á ti ya àwòrán tán kí wọ́n tó rántí pé státọ́ọ̀sì ni wọ́n fẹ́ gbé e sí. Èmi ò fara mọ́ ọn, torí ìwọ̀n ló ń pinnu bí gbogbo nǹkan yòókù ṣe máa jókòó. Tá a bá sọ pé 9:16, ohun tá a ń sọ ni pé tí fífẹ̀ ẹ̀ bá jẹ́ 9, gíga ẹ̀ jẹ́ 16, ìyẹn àwòrán tó dúró lóòró bíi fóònù tá a mú lọ́wọ́. 1:1 ni èyí tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dọ́gba, ó dáa fún àwòrán kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín. 16:9 sùn gbalaja, ti tẹlifíṣọ̀n àti bánà nìyẹn. 4:5 ga díẹ̀ ju fífẹ̀ ẹ̀ lọ, àwọn tó ń gbé nǹkan sórí Ínsítágíráàmù fẹ́ràn ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó. Ká ní ẹ ya àwòrán 1:1 tó jẹ́ 1024 ní fífẹ̀, 1024 ní gíga, ẹ wá fẹ́ gé e sí 9:16. Gíga ẹ̀ á ṣì jẹ́ 1024, àmọ́ fífẹ̀ ẹ̀ á di 576, ìyẹn ni pé nǹkan bí ìdajì àwòrán yẹn ti lọ, abọ́ tó tẹ́ rẹrẹ láàárín ẹ̀ á wá gé lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa tún un ṣe tí kò ní hàn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé 9:16 lẹ ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, áàpù náà fúnra ẹ̀ á to nǹkan sóòró, á fi àyè sílẹ̀ lókè, abọ́ á wà nísàlẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́ yàtọ̀ láti áàpù kan sí òmíì. Àwọn kan ní bọ́tìnnì tẹ́ ẹ máa tẹ̀, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ẹ kàn máa kọ ọ́ sínú gbólóhùn pé "àwòrán tó dúró lóòró, 9:16". Ní Midjourney, ìparí gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ máa kọ ọ́ sí báyìí, ẹ má sì fi àmì ìdánudúró kankan tẹ̀ lé e:

```
--ar 9:16
```

Tẹ́ ò bá kọ nǹkan kan níbẹ̀, 1:1 ló máa fún yín. Tó bá jẹ́ Stable Diffusion lẹ ń lò, nọ́ńbà fífẹ̀ àti gíga lẹ máa fi síbẹ̀, ẹ wá ṣọ́ra níbí o. Irú tí wọ́n ń pè ní SDXL, nǹkan bíi 1024 sí 1024 ni wọ́n fi kọ́ ọ, tẹ́ ẹ bá lọ fi 1080 sí 1920 sí i lẹ́ẹ̀kan náà torí pé ìwọ̀n státọ́ọ̀sì nìyẹn, ó lè yà yín ní abọ́ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, torí àyè yẹn ti pọ̀ ju èyí tó mọ̀ lọ, ó wá fi nǹkan kan náà kún un. Ẹ fi 768 sí 1344 síbẹ̀, ó sún mọ́ 9:16 gan, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fẹ̀ ẹ́ lójú. Tẹ́ ẹ bá ti ń rí orí méjì lára èèyàn kan tàbí abọ́ méjì níbi tẹ́ ẹ ti ní kó ya ọ̀kan, ìwọ̀n lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ẹ má tíì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ.

Nǹkan kan ṣì wà lórí státọ́ọ̀sì. Orúkọ yín máa ń wà lókè pátápátá, ibi tí wọ́n ti ń fèsì sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, ohun tó bá wọ ibi méjèèjì yẹn kì í hàn dáadáa. Torí náà mo pinnu pé abọ́ àmàlà máa wà láàárín lọ sí ìsàlẹ̀ díẹ̀, àyè tí kò sí nǹkan kan á wà lápá òkè fún ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ.

Ohun gangan tẹ́ ẹ fẹ́ kó yà

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Kí n tó kọ nǹkan kan, mo lọ bá ìyá náà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Abọ́ wo lẹ fi ń bu oúnjẹ fún kọ́sítọ́mà?"

"Abọ́ funfun yìí náà ni, èyí tí etí ẹ̀ ní búlúù. Ṣé wọ́n tún ń béèrè ìyẹn ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà, àti bẹ́ ẹ ṣe ń bu ọbẹ̀ sí i."

"Gbẹ̀gìrì lápá kan, ewédú lápá kejì, ata á wá wà láàárín. Mi ò kì í pò ó pọ̀ fún wọn o, oníkálukú ló ń po tiẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tí ìyá sọ yìí ló gbé gbogbo àwòrán náà dúró. Tí mo bá kàn kọ "àbùlà", áàpù náà lè po gbogbo ẹ̀ pọ̀ di ọbẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ kan ṣoṣo, àmọ́ nígbà tó ti jẹ́ pé yẹ́lò wà lápá kan, gíríìnì lápá kejì, pupa láàárín, ojú á ti mọ̀ kíá pé àmàlà Ìbàdàn lèyí.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣàpèjúwe nǹkan, ẹ máa bi ara yín léèrè nǹkan mẹ́rin nípa ẹ̀: àwọ̀ wo, ìrísí wo, báwo lara ẹ̀ ṣe rí, kí ló wà nínú ẹ̀ tàbí lábẹ́ ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àmàlà fúnra ẹ̀ ṣe é. Àwọ̀ ẹ̀ kì í ṣe dúdú kirikiri, èlùbọ́ iṣu ló fi ń ní àwọ̀ búráùn tó ṣókùnkùn, tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ó máa ń fà sí eérú díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ "dúdú" nìkan, èédú ló máa gbé jáde. Tó bá sì jẹ́ láfún lẹ fẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ sọ pé ó funfun tàbí pé ó fà sí eérú fẹ́ẹ́rẹ́, torí pákí ni wọ́n fi ṣe é, àwọ̀ ẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Ìrísí ẹ̀: ó rí róbótó, ó ga díẹ̀ láàárín, etí ẹ̀ ò mú. Ara ẹ̀: ó kúnná, kò sí kókó, ó ń dán fẹ́ẹ́rẹ́ torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e, àmọ́ kò dán bíi nǹkan tí wọ́n da òróró lé lórí. Ọ̀rọ̀ "dán fẹ́ẹ́rẹ́" yẹn ṣe pàtàkì gan, torí tẹ́ ò bá kọ ọ́, ó máa ń dán ju bó ṣe yẹ lọ, ibẹ̀ gan-an ni ṣokoléètì yẹn ti ń wá.

Gbẹ̀gìrì, ẹ kọ ọ́ bí ọbẹ̀ ẹ̀wà tí wọ́n ti bó èèpo ẹ̀, tó jẹ́ yẹ́lò, tó kúnná, tó ki díẹ̀. Ewédú jẹ́ gíríìnì tó ṣókùnkùn, ó ń yọ̀, kò sí ewé odindi nínú ẹ̀. Ẹ rántí apá tó kẹ́yìn yẹn, torí áàpù fẹ́ràn láti ya ewé odindi tó bá ti gbọ́ "ọbẹ̀ ewé", ẹ̀fọ́ rírò lẹ máa wá rí, wọ́n sì ti fi ìjábẹ̀ já ewédú tiwa. Ata jẹ́ ọbẹ̀ pupa tí epo léfòó lórí ẹ̀. Ẹran náà, ẹ má kọ "ẹran" ṣákálá, ẹ sọ iye àti irú ẹ̀. Èmi kọ pé ẹran màlúù kan tí wọ́n gé ní igun mẹ́rin, àti pọ̀nmọ́ kan tó fẹ̀, tó jẹ́ búráùn.

Mo dúró lórí iye ẹran yẹn torí pé ó ń dùn mí tí mo bá rí fláyà tí ẹran márùn-ún wà lórí ẹ̀, tí kọ́sítọ́mà wá dé ṣọ́ọ̀bù tó rí ẹyọ kan. Áàpù kì í ṣahun, tẹ́ ò bá sọ iye, á kó ẹran jọ gègèrè lórí abọ́. Ìyá sọ fún mi pé ẹran kan àti pọ̀nmọ́ kan ló wà nínú abọ́ tó fẹ́ fi polówó, iye tí mo kọ sí i náà nìyẹn.

Tí àpèjúwe yín bá jẹ́ ti èèyàn, ìbéèrè mẹ́rin yẹn náà ni, ẹ kàn máa fi ọjọ́ orí, aṣọ àti ohun tó ń ṣe kún un. "Obìnrin Yorùbá" ò tó. "Ìyá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó wọ bùbá àti ìró àdìrẹ aláró, tó ń fi ọmọrogùn ro àmàlà nínú ìkòkò ńlá" ni. Ẹ tún ṣàlàyé ọmọrogùn o, pé igi tó gùn tó sì tẹ́jú ni, torí bẹ́ ẹ bá kàn pe orúkọ ẹ̀, ṣíbí ló máa fi sí i lọ́wọ́.

Ibi tí nǹkan náà wà

Ẹ má kọ "ní Ìbàdàn" kẹ́ ẹ wá rò pé ó ti tán. Bẹ́ ẹ bá ní kó ya òpópónà ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ìgbà dánfó yẹ́lò Èkó ló máa kó kún ojú títì, torí àwòrán Èkó ló pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ Ìbàdàn lẹ fẹ́ kó hàn lẹ́yìn, ohun tí ojú ń rí níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ: àwọn òkè tí ilé pọ̀ lórí wọn, òrùlé páànù tó ti dógùn-ún tó jẹ́ búráùn lọ títí dé ọ̀kánkán, ilẹ̀ pupa, mọ́tò kéékèèké irú Máíkírà. Ìyẹn nìkan ti tó láti mọ̀ pé ẹ ò sí l'Ékòó.

Àwọn ilé tí gbogbo èèyàn mọ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Gbọ̀ngàn Mápó tó wà lórí òkè láti 1929, tẹ́ ẹ bá dárúkọ ẹ̀, ilé kan tó ní òpó ńláńlá níwájú ló máa yà, àmọ́ kì í ṣe Mápó. Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, àjà 26 ló ní, áàpù ò ní kà á pé, ọmọ Ìbàdàn tó bá wò ó á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Tí ilé yẹn bá ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ yín, ẹ lọ yà á pẹ̀lú kámẹ́rà.

Fún àwòrán oúnjẹ, ibi tó wà ò gbọ́dọ̀ bá oúnjẹ jà. Ohun tí mo kọ ò ju mẹ́ta lọ: tábìlì pákó tó ti gbó tó sì mọ́ tónítóní, abọ́ omi ìfọwọ́ kékeré lẹ́yìn lápá ọ̀tún, ògiri búráùn tó ṣókùnkùn tó ń hàn bàìbàì. Mo fi ògiri tó ṣókùnkùn síbẹ̀ nítorí ooru tó ń rú lára àmàlà, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ nísàlẹ̀ yìí. Bẹ́ ẹ bá kó nǹkan mẹ́wàá jọ sẹ́yìn, áàpù á pín agbára ẹ̀ sí gbogbo wọn, oúnjẹ gangan á wá di ohun kékeré láàárín.

Láìtì

Gbogbo èèyàn ló ń kọ "láìtì tó dáa". Kò sọ nǹkan kan. Láìtì ní ibi tó ti ń wá, ó ní bó ṣe le tó tàbí bó ṣe rọ̀ tó, ó sì ní àwọ̀. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi tó ti ń wá ló ṣe pàtàkì jù fún àmàlà. Àmàlà ṣókùnkùn, ó sì kúnná, tí láìtì bá ti iwájú wá gbá a bíi fláàṣì fóònù, gbogbo ara ẹ̀ á di ọ̀kan náà, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ga láàárín, á kàn dà bí ihò dúdú nínú abọ́ ni. Àmọ́ tí láìtì bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, apá kan á mọ́lẹ̀, apá kejì á ní òjìji, ìrísí róbótó yẹn á wá hàn. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ kí ooru hàn, ẹ jẹ́ kí láìtì ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, torí ooru kì í hàn àyàfi tí láìtì bá ti ẹ̀yìn gbà á, tí ohun tó ṣókùnkùn sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Ìdí tí mo fi yan ògiri búráùn nìyẹn, ká ní ògiri funfun ni, ooru yẹn ì bá ti sọnù sínú ẹ̀.

Bó ṣe rọ̀ tó: oòrùn ọ̀sán gangan le, òjìji ẹ̀ mú bí ọ̀bẹ, ó sì máa ń mú kí epo orí ọbẹ̀ funfun yàà. Láìtì tó gba ẹnu ọ̀nà wọ inú ṣọ́ọ̀bù tí páànù bò rọ̀, òjìji ẹ̀ ò ní etí. Àsìkò ọyẹ́ náà ń jẹ́ kí láìtì rọ̀ torí eruku tó wà lójú ọ̀run, àmọ́ ó máa ń mú kí àwọ̀ ṣá, mi ò fẹ́ ẹ fún oúnjẹ. Ó dáa gan tẹ́ ẹ bá ń ya òrùlé Bẹẹrẹ láti òkè.

Ti àwọ̀, gbẹ̀gìrì lẹ máa fi mọ̀ bóyá ó tọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá kọ "láìtì iná ìgbàlódé" tàbí ohun tó jọ ọ́, yẹ́lò gbẹ̀gìrì lè fà sí gíríìnì, oúnjẹ á wá dà bí èyí tó ti sùn mọ́jú. Láìtì àárọ̀ tó gbóná díẹ̀ ló bá a mu. Àmọ́ ẹ má sọ pé kó gbóná jù, irú ti ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ń wọ̀, torí gbogbo abọ́ funfun yẹn á di yẹ́lò, gbẹ̀gìrì ò sì ní yàtọ̀ sí abọ́ mọ́.

Gbólóhùn tí mo wá kọ ni: láìtì àárọ̀ tó rọ̀, tó ti ẹnu ọ̀nà wọlé láti apá òsì bọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, òjìji tó rọ̀ lápá ọ̀tún, ooru fẹ́ẹ́rẹ́ ń rú lára àmàlà.

Sítáìlì

Èyí ò gùn. Ẹ yan ọ̀kan: fọ́tò, àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà yà, tàbí kàtúùnù. Ẹ má kọ méjì pọ̀, torí á gbé ohun tó wà láàárín jáde tí kò jọ ìkankan. Fún oúnjẹ tí èèyàn máa wá rà, fọ́tò ni. Tẹ́ ẹ bá ti sọ pé fọ́tò, ẹ wá sọ ibi tí kámẹ́rà wà. Èmi kọ pé kámẹ́rà ń wo abọ́ láti òkè díẹ̀, ibi tí ojú ẹni tó jókòó tó fẹ́ jẹun máa wà, àti pé iwájú abọ́ hàn kedere, ẹ̀yìn ń hàn bàìbàì. Tí kámẹ́rà bá wo abọ́ láti òkè tààrà, àmàlà á dà bíi pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ, gbogbo iṣẹ́ tí láìtì ẹ̀gbẹ́ ṣe á sì ṣòfò.

Àwọn ọ̀rọ̀ bíi "ó rẹwà jù lọ", "kò lẹ́gbẹ́", "ó ga jù láyé", tí àwọn èèyàn máa ń tò sí ìparí, ẹ yọ wọ́n kúrò. Wọn ò sọ àwọ̀, wọn ò sọ ibi tí nǹkan wà. Àyè tí wọ́n gbà, ẹ fi sọ nǹkan míì nípa abọ́. Ẹ má sì kọ orúkọ ayàwòrán tó wà láàyè pé kó yà á bíi tiẹ̀, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ẹlòmíì nìyẹn.

Gbogbo ẹ̀ lójú kan

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lẹ máa fi síwájú, torí ọ̀rọ̀ tó wà níwájú sábà máa ń lágbára ju ti ẹ̀yìn lọ. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí:

Fọ́tò oúnjẹ. Àmàlà kan tó rí róbótó, àwọ̀ búráùn tó ṣókùnkùn, tó kúnná, tó ń dán fẹ́ẹ́rẹ́, nínú abọ́ onírin funfun tí etí ẹ̀ jẹ́ búlúù. Ní ẹ̀gbẹ́ àmàlà nínú abọ́ kan náà, ọbẹ̀ ẹ̀wà yẹ́lò tó kúnná lápá òsì, ewédú gíríìnì tó ń yọ̀ lápá ọ̀tún, ọbẹ̀ ata pupa tí epo léfòó lórí ẹ̀ láàárín wọn, wọn ò pò pọ̀. Ẹran màlúù kan àti pọ̀nmọ́ búráùn kan lórí ọbẹ̀ ata. Tábìlì pákó tó ti gbó, abọ́ omi kékeré lẹ́yìn lápá ọ̀tún, ògiri búráùn tó ṣókùnkùn tó ń hàn bàìbàì. Láìtì àárọ̀ tó rọ̀ láti apá òsì bọ̀ sẹ́yìn, òjìji tó rọ̀ lápá ọ̀tún, ooru fẹ́ẹ́rẹ́. Kámẹ́rà wà lókè díẹ̀. Abọ́ wà nísàlẹ̀ àwòrán, àyè òfìfo wà lókè. Lóòró, 9:16.

Àwọn áàpù kan gbọ́ Yorùbá díẹ̀, púpọ̀ nínú wọn gbọ́ Òyìnbó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá ná kẹ́ ẹ lè rò ó já, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá gbé e sí Òyìnbó ní gbólóhùn kéékèèké, ẹ má fi orúkọ oúnjẹ nìkan síbẹ̀. Ibi tí àmàlà wà nínú tèmi di báyìí:

```
a rounded mound of smooth dark brown yam-flour dough, faint soft sheen
```

Tó bá gbé e jáde, tí kò wá rí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́

Kì í sábà tọ̀nà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wò ó láti ibi kan sí ibi kejì bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́, ohun gangan, ibi tó wà, láìtì, sítáìlì, ìwọ̀n, kẹ́ ẹ mọ èwo ló ṣìnà nínú wọn. Lẹ́yìn náà, ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ yí padà kẹ́ ẹ tó tún un yà. Tẹ́ ẹ bá yí mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, tó wá dáa, ẹ ò ní mọ èyí tó tún un ṣe, tó bá sì burú sí i, ẹ ò ní mọ èyí tó bà á jẹ́.

Nínú iṣẹ́ ìyá yìí, àwòrán àkọ́kọ́ gbé fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ sórí tábìlì. Ohun tó máa wá síni lọ́kàn ni kéèyàn kọ "má fi fọ́ọ̀kì sí i". Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ áàpù wọ̀nyí máa rí ọ̀rọ̀ "fọ́ọ̀kì" yẹn nínú gbólóhùn, wọ́n á sì yà á. Ohun tó máa gba ipò fọ́ọ̀kì ni kẹ́ ẹ kọ. Abọ́ omi ìfọwọ́ ti wà nínú tèmi, mo kàn mú un súnmọ́ iwájú, mo kọ pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ oúnjẹ, fọ́ọ̀kì sì lọ. Midjourney ní ibi tẹ́ ẹ lè kọ ohun tẹ́ ò fẹ́ sí, ìparí náà ni, bíi ti ìwọ̀n:

```
--no fork, knife
```

Stable Diffusion náà ní àpótí tiẹ̀ lọ́tọ̀ fún un. Níbi méjèèjì, orúkọ nǹkan náà nìkan lẹ máa kọ.

Èkejì, ewédú ẹ̀ ní ewé odindi nínú. Mo yí "ewédú gíríìnì" padà sí "ọbẹ̀ gíríìnì tó kúnná, tó ń fà". Ìyẹn tún un ṣe. Ẹ̀kẹta, ooru pọ̀ jù, ó bo ẹran mọ́lẹ̀, ó dà bí ilé tó ń jó. Mo yọ "ooru fẹ́ẹ́rẹ́" kúrò, mo fi "ooru díẹ̀ tí kò nípọn" sípò ẹ̀.

Nígbà tí mo gbé e fún ìyá wò, ó ní, "Ó jọ ti wa o, àmọ́ pọ̀nmọ́ yìí ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, wọ́n á ní mo ń ṣahun." Mo fi "tó nípọn" kún pọ̀nmọ́, mo tún un yà.

Ọ̀rọ̀ orí fláyà, ẹ má ní kí áàpù yẹn kọ ọ́. Òyìnbó gan-an, ó máa ń ṣì í kọ, ká má wá sọ Yorùbá tó ní àmì lókè, tó tún ní ti ìsàlẹ̀. Ó lè fi àmì sórí lẹ́tà tí kò yẹ, tàbí kó hùmọ̀ lẹ́tà tí kò sí níbì kankan, orúkọ ìyá á wá di orúkọ ẹlòmíì. Àyè òfìfo tẹ́ ẹ ní kó fi sílẹ̀ lókè, inú ẹ̀ lẹ máa fi áàpù ìkọ̀wé fláyà tẹ ọ̀rọ̀ sí, kẹ́ ẹ sì yan fọ́ńtì tó gba ẹ, ọ àti ṣ. Ẹ dán an wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ "gbẹ̀gìrì" àti "ọbẹ̀", tí àmì tó wà lókè ẹ̀ bá ń fò sórí lẹ́tà kejì tàbí tó ń di àpótí kékeré, ẹ pa fọ́ńtì yẹn tì.

Tẹ́ ẹ bá ti parí, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni iṣẹ́ bíi fọ́tò lásán lórí Wasáàpù, ó máa ń fún un pọ̀, etí lẹ́tà á wá ṣú. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi fáìlì ìwé, kó dé ọwọ́ ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ṣe é, kó wá gbé e sí státọ́ọ̀sì látibẹ̀.